Ibi tí èrè ti ń sápamọ́ sínú ọjà ilẹ̀: bí a ṣe ń mú ìṣirò alákòópọ̀ àti ìṣirò aláyípadà bára mu

Ilé iṣẹ́ kan náà ni, ọdún kan náà ni. Iye ọjà tí wọ́n tà kò yàtọ̀, owó tí wọ́n ná kò yàtọ̀. Síbẹ̀, ìwé kan sọ pé èrè ọdún náà jẹ́ 80,000, ìwé kejì ní 50,000 ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí irú èyí á rò pé ẹnì kan ti ṣi ìṣirò ṣe. Kò sẹ́ni tó ṣì í ṣe. Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà ka iye tí ọjà ná wọn, 30,000 tó sì wà láàárín ìwé méjèèjì wà níbì kan pàtó: ó wà lára ọjà tí wọn ò tíì tà. Iṣẹ́ wa ni ká wá a rí níbẹ̀, ká sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́nà tí ìwé méjèèjì á fi bára mu láìṣẹ́ kù rárá.

Ohun tó ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀

Nínú ìṣirò alákòópọ̀, gbogbo ohun tí ilé iṣẹ́ ná láti ṣe ọjà ló ń wọ inú iye ọjà náà. Ohun èlò wà níbẹ̀, owó àwọn tó ń fọwọ́ ṣe é wà níbẹ̀, iná tí ẹ̀rọ ń jẹ wà níbẹ̀. Àwọn ìnáwó tí kì í yí pa dà, bóyá ọjà pọ̀ tàbí ó kéré, náà wà níbẹ̀: owó ilé tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, owó oṣù alábòójútó iṣẹ́, iye tí ẹ̀rọ ń gbó lọ́dọọdún. Nínú ìṣirò aláyípadà, kìkì ohun tó ń pọ̀ bí ọjà ṣe ń pọ̀ ló ń wọ inú iye ọjà. Owó ilé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ di ìnáwó ọdún náà lódindi, ìbáà jẹ́ pé ọjà tà, ìbáà jẹ́ pé kò tà.

Ìyàtọ̀ wọn kò ju ìyẹn lọ. Kọmíṣọ́ọ̀nù àwọn tó ń tajà, owó ọkọ̀ tó ń gbé ọjà lọ bá oníbàárà, àti owó ọ́fíìsì kì í wọ inú iye ọjà ilẹ̀ nínú ọ̀kankan nínú méjèèjì. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìṣirò ti ń wọ́. Láti ibí lọ, tí mo bá ti pe "ìnáwó àìyípadà", ti ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọjà nìkan ni mò ń sọ. Ti ọ́fíìsì, orúkọ rẹ̀ ni màá máa pè é.

Ilé iṣẹ́ tí a máa lò

Ẹ jẹ́ ká mú ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe àga, oríṣi kan ṣoṣo. N ò so owó orílẹ̀-èdè kankan mọ́ àwọn iye wọ̀nyí. Ẹ fi owó tí ẹ̀yin ń ná rọ́pò rẹ̀, àbájáde kò ní yàtọ̀.

| Ohun tí a mọ̀ | Iye |
|---|---|
| Iye tí wọ́n ń ta àga kan | 50 |
| Ìnáwó aláyípadà láti ṣe àga kan | 20 |
| Ìnáwó aláyípadà láti ta àga kan | 2 |
| Ìnáwó àìyípadà lọ́dún | 120,000 |
| Owó ọ́fíìsì lọ́dún | 40,000 |
| Iye àga tí wọ́n sábà máa ń ṣe lọ́dún | 10,000 |

Lọ́dún kìíní, kò sí àga kankan nílẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣe 10,000, wọ́n ta 7,500.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá iye ìnáwó àìyípadà tí àga kan ń gbé

Ẹ pín ìnáwó àìyípadà sí iye ọjà tí ilé iṣẹ́ sábà máa ń ṣe: 120,000 pín sí 10,000, ó di 12. Àga kọ̀ọ̀kan tó bá jáde ń gbé 12 lórí.

Ẹ kíyè sí i pé iye tí wọ́n *sábà* máa ń ṣe ni mo fi pín in. Kì í ṣe iye tí wọ́n tà, kò sì pọn dandan kó jẹ́ iye tí wọ́n ṣe lọ́dún yìí gan-an. Ìlànà ìṣirò owó àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IAS 2 ló fi lélẹ̀ bẹ́ẹ̀: agbára tí ilé iṣẹ́ máa ń lò déédéé láàárín ọdún tàbí sáà mélòó kan, pẹ̀lú àyè fún àtúnṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ti ṣètò sílẹ̀, ni kí a fi pín in. Ìdí rẹ̀ lágbára. Ká ní iye tí wọ́n ṣe ni a fi ń pín in ṣáá, ọdún tí iṣẹ́ bá dẹnu kọlẹ̀ ni iye àga kan á fò sókè, ọjà ilẹ̀ á sì dà bí èyí tó níye lórí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ tó dúró láìṣiṣẹ́ ló fà á.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka ọjà ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjà ìparí

Ọjà ìbẹ̀rẹ̀, ẹ fi iye tí wọ́n ṣe kún un, ẹ yọ iye tí wọ́n tà. Lọ́dún kìíní, 0 àti 10,000, yọ 7,500, ó ku 2,500. Kíkà yìí rọrùn, àmọ́ ẹ fi wé ohun tí wọ́n fojú rí nílé ìkẹ́rù-sí kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Tí àga 40 bá ti fọ́ tí ẹnikẹ́ni ò sì kọ ọ́ sílẹ̀, 40 yẹn á máa da ìyókù iṣẹ́ yín rú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kọ ìwé èrè méjèèjì

Nínú ìṣirò aláyípadà, 7,500 àga ní 50 mú 375,000 wọlé. Ìnáwó aláyípadà láti ṣe wọn jẹ́ 150,000, láti tà wọ́n jẹ́ 15,000. Ó ku 210,000. Inú rẹ̀ ni a ti yọ gbogbo ìnáwó àìyípadà, 120,000, àti owó ọ́fíìsì, 40,000. Èrè jẹ́ 50,000.

Nínú ìṣirò alákòópọ̀, àga kan ná wọn ní 20 àti 12, èyí tó jẹ́ 32. Àga 7,500 tí wọ́n tà ná wọn ní 240,000. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 375,000, ó ku 135,000. Ẹ yọ 15,000 tí wọ́n fi tajà àti 40,000 ti ọ́fíìsì. Èrè jẹ́ 80,000.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wá ìyàtọ̀ náà rí lára ọjà ilẹ̀

Àga 2,500 ló ṣẹ́ kù nílẹ̀. Nínú ìwé alákòópọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbé 12 ìnáwó àìyípadà. 2,500 lọ́nà 12 jẹ́ 30,000. Òun náà nìyẹn.

Ẹ má kàn há a sórí, ẹ tọpa owó náà. Nínú 120,000 tí wọ́n ná, ìwé aláyípadà kó gbogbo rẹ̀ lé ọdún kìíní lórí. Ìwé alákòópọ̀ kó 90,000 lé ọdún náà lórí, ìyẹn 12 lórí àga 7,500 tó tà, ó sì fi 30,000 pa mọ́ sára àga tó wà nílẹ̀ de ọjọ́ tí wọ́n á tà. Owó náà ti jáde lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ nínú ìwé méjèèjì. Ọdún tí a máa kà á sí nìkan ni wọn ò fẹnu kò lé lórí.

Ẹni tó bá lóye èyí kò nílò kí wọ́n sọ fún un èyí tí èrè rẹ̀ máa pọ̀ jù. Bí ọjà ilẹ̀ bá pọ̀ sí i láàárín ọdún, owó tó wọlé pa mọ́ sára ọjà ju èyí tó jáde lọ, èrè alákòópọ̀ á sì ga ju ti aláyípadà. Bí ọjà ilẹ̀ bá dín kù, owó ọdún tó kọjá tó ti wà ní ìpamọ́ ń jáde wá jẹ èrè ọdún yìí, èrè alákòópọ̀ á sì kéré sí ti aláyípadà.

Ọdún kejì: ọjà ilẹ̀ dín kù, iṣẹ́ sì lọ sílẹ̀

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àga 2,500. Wọ́n ṣe 9,000, wọ́n ta 10,500. Ó ku 1,000. Iye owó kò yí pa dà.

Ìwé aláyípadà rọrùn. Owó ọjà jẹ́ 525,000. Ẹ yọ 210,000 tí wọ́n fi ṣe wọ́n àti 21,000 tí wọ́n fi tà wọ́n, ó ku 294,000. Ẹ yọ 120,000 àti 40,000. Èrè jẹ́ 134,000.

Nínú ìwé alákòópọ̀, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí kò ṣẹlẹ̀ lọ́dún kìíní. Àga 9,000 péré ni wọ́n ṣe. Ní 12 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 108,000 ni àga lè gbé nínú 120,000 tí wọ́n ná. 12,000 ṣẹ́ kù tí àga kankan kò gbé. IAS 2 kò gbà kí a fi ipá dì í mọ́ ọjà tó wà nílẹ̀. Ìnáwó ọdún yẹn ni, ibẹ̀ ni kí a sì ti kà á.

Nítorí náà: 525,000, yọ 10,500 lọ́nà 32 tó jẹ́ 336,000, yọ 12,000 tí àga kò gbé, ó ku 177,000. Ẹ yọ 21,000 àti 40,000. Èrè jẹ́ 116,000.

Ìyàtọ̀ jẹ́ 18,000, lọ́tẹ̀ yìí ti aláyípadà ló ga. Ọjà ilẹ̀ dín kù ní 1,500. 1,500 lọ́nà 12 jẹ́ 18,000. Ó bára mu.

12,000 yẹn wá ńkọ́? Ìbéèrè yìí ló máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Wọ́n á rí 12,000 gbàǹgbà nínú ìwé alákòópọ̀, wọn ò ní rí i nínú ti aláyípadà, wọ́n á sì rò pé ó gbọ́dọ̀ wà lára ohun tó fa ìyàtọ̀. Wọ́n á wá fi kún 18,000 tàbí kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀, ìwé náà á sì ya. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé 12,000 náà wà nínú ìwé aláyípadà pẹ̀lú. Ó wà nínú 120,000 tí wọ́n kó lé ọdún náà lórí lódindi, orúkọ nìkan ni kò ní. Nígbà tí ìwé méjèèjì ti ka 12,000 náà sí ọdún kan náà, kò lè jẹ́ òun ló yà wọ́n.

Ẹ̀rí tún wà. Ẹ ṣírò gbogbo ìnáwó àìyípadà tí ìwé alákòópọ̀ kó lé ọdún kejì lórí. Àga 10,500 tó tà gbé 126,000, ẹ fi 12,000 tí àga kò gbé kún un, ó di 138,000. Ti aláyípadà jẹ́ 120,000. Ìyàtọ̀ jẹ́ 18,000. Èmi máa ń ṣe àyẹ̀wò yìí nígbàkígbà tí ẹnì kan bá ń bá mi jiyàn lórí owó tí ọjà kò gbé, nítorí ó ń pa ẹnu àríyànjiyàn mọ́ ní ìlà méjì.

Bákan náà ló rí tí owó tí wọ́n ná gan-an bá ju èyí tí wọ́n ṣètò lọ. Ká ní owó ilé gbówó lórí ní àárín ọdún tí ìnáwó àìyípadà fi di 126,000 dípò 120,000, tí wọn ò sì yí 12 pa dà, 6,000 tó lé náà á já lé ọdún yẹn lórí nínú ìwé méjèèjì. Èrè méjèèjì á dín ní 6,000. Ìyàtọ̀ wọn á wà ní 18,000 bó ṣe wà.

Ọdún kẹta: iye àga kò yí, síbẹ̀ èrè yàtọ̀

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ìlànà "iye tí ọjà fi yí pa dà lọ́nà 12" ti ń já èèyàn kulẹ̀.

Lọ́dún kẹta, owó ilé àti owó oṣù alábòójútó lọ sókè. Ìnáwó àìyípadà di 150,000. Iye tí wọ́n sábà máa ń ṣe ṣì jẹ́ 10,000, nítorí náà àga kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ṣe lọ́dún yìí á gbé 15. Àga 1,000 tó ti ọdún kejì wá sì ń gbé 12 tí wọ́n ti dì mọ́ ọn. Wọ́n ṣe 10,000, wọ́n ta 10,000. Ó ku 1,000, iye kan náà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé ìlànà kúkúrú á ní: ọjà ilẹ̀ kò yí pa dà, nítorí náà èrè méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ẹ jẹ́ ká wò ó.

Ìwé aláyípadà: 500,000, yọ 200,000, yọ 20,000, ó ku 280,000. Ẹ yọ 150,000 àti 40,000. Èrè jẹ́ 90,000.

Ìwé alákòópọ̀, tí a bá gbà pé èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló kọ́kọ́ jáde: àga 1,000 àtijọ́ ní 32 jẹ́ 32,000. Àga 9,000 tuntun ní 35 jẹ́ 315,000. Àpapọ̀ jẹ́ 347,000. Kò sí owó tí àga kò gbé, nítorí pé 10,000 tí wọ́n ṣe gbé 150,000 tán. Ó ku 153,000. Ẹ yọ 20,000 àti 40,000. Èrè jẹ́ 93,000.

Ìyàtọ̀ 3,000 wà láàárín wọn, láìsí àga kan tó fi kún tàbí tó fi dín. Ọjà ìparí ń gbé 1,000 lọ́nà 15, tó jẹ́ 15,000. Ọjà ìbẹ̀rẹ̀ gbé 1,000 lọ́nà 12, tó jẹ́ 12,000. 3,000 náà nìyẹn. Iye àga kò yí, àmọ́ owó tó wà ní ìpamọ́ sára wọn ti yí.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ gbàgbé ìlànà kúkúrú, kí ẹ máa lo èyí tó péye nígbà gbogbo: ìnáwó àìyípadà tó wà nínú ọjà ìparí, yọ èyí tó wà nínú ọjà ìbẹ̀rẹ̀. Tí iye orí ẹyọ kò bá yí láàárín ọdún méjì, á fún yín ní ìdáhùn kan náà pẹ̀lú ìlànà kúkúrú. Tó bá yí, òun nìkan ló máa jẹ́ òótọ́. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi iye ọjà ìbẹ̀rẹ̀ sí B2, ìnáwó àìyípadà orí ẹyọ rẹ̀ sí B3, iye ọjà ìparí sí B4, ìnáwó àìyípadà orí ẹyọ tirẹ̀ sí B5:

```
=B4*B5-B2*B3
```

Tí ìdáhùn bá ju òdo lọ, ẹ fi kún èrè aláyípadà láti dé èrè alákòópọ̀. Tí àmì ìyọkúrò bá wà níwájú rẹ̀, ẹ fi kún un bẹ́ẹ̀ náà, àmì yẹn fúnra rẹ̀ á yọ ọ́ kúrò. Ẹ má yí àmì pa dà lọ́wọ́.

Ìkìlọ̀ kan nípa B5. 15 ni mo fi sí i nítorí pé a gbà pé ọjà àtijọ́ ló kọ́kọ́ tà. Tó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ yín ń pa iye àtijọ́ àti tuntun pọ̀ kí wọ́n tó pín in dọ́gba, 15 kọ́ ló máa wà níbẹ̀. Ẹ fi 12,000 tó ti wà nílẹ̀ kún 150,000, ẹ pín 162,000 sí àga 11,000, ó di nǹkan bí 14.73. Ọjà ìparí á wá gbé nǹkan bí 14,727, ìyàtọ̀ èrè á sì jẹ́ 2,727. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọ̀nà tí wọ́n fi ń díye lé ọjà ilẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ìṣirò yìí.

Ìwé ìbáramu ọdún mẹ́ta

Bí màá ṣe kọ ọ́ fún ọ̀gá tó fẹ́ rí i lójú kan nìyí:

| | Ọdún 1 | Ọdún 2 | Ọdún 3 |
|---|---|---|---|
| Èrè aláyípadà | 50,000 | 134,000 | 90,000 |
| Fi ti inú ọjà ìparí kún un | 30,000 | 12,000 | 15,000 |
| Yọ ti inú ọjà ìbẹ̀rẹ̀ | 0 | 30,000 | 12,000 |
| Èrè alákòópọ̀ | 80,000 | 116,000 | 93,000 |

Ẹ wo bí ìlà kejì ọdún kan ṣe ń di ìlà kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e. 30,000 lọ láti ọdún kìíní sí ìkejì, 12,000 lọ láti ìkejì sí ìkẹta. 12,000 yìí kì í ṣe owó tí àga kò gbé lọ́dún kejì: àga 1,000 tó kù nílẹ̀ lọ́nà 12 ni, iye wọn kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni. Bí wọn ò bá so kọ́ra bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ti tún iye ọjà ìbẹ̀rẹ̀ dá láàárín.

Àyẹ̀wò kan tún wà tí mo fẹ́ràn gan-an. Ẹ ro èrè ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ti aláyípadà jẹ́ 274,000, ti alákòópọ̀ jẹ́ 289,000. Ìyàtọ̀ jẹ́ 15,000, iye gan-an tó ṣì wà lára ọjà ìparí ọdún kẹta. Ohun yòówù tó ti ṣẹlẹ̀ láàárín, bí a bá bẹ̀rẹ̀ láìsí ọjà nílẹ̀, àpapọ̀ ìyàtọ̀ kò lè ju ohun tó kù nílẹ̀ lọ́jọ́ ìkẹyìn lọ. Tí wọ́n bá ta gbogbo àga náà tán lọ́la, àpapọ̀ èrè ìwé méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ á dọ́gba.

Nígbà tí ọ̀gá bá fi ṣíṣe ọjà gbé èrè ga

Ẹ pa dà sí ọdún kìíní. Ká ní ọ̀gá ibi iṣẹ́ pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe àga 12,000 dípò 10,000, tí wọn ò sì ta ju 7,500 náà lọ. Èrè aláyípadà kò kúrò ní 50,000. Nínú ìwé alákòópọ̀, tí wọ́n bá fi 12 sílẹ̀ bó ṣe wà, àga 12,000 á gbé 144,000, nígbà tó jẹ́ pé 120,000 ni wọ́n ná. 24,000 tó lé náà, tí wọ́n bá dá a pa dà sínú ìwé èrè, á gbé èrè láti 80,000 lọ sí 104,000. Kò sí oníbàárà kan tó ra àga kan sí i. Ilé ìkẹ́rù-sí ló kún.

IAS 2 mọ̀ nípa èyí. Nígbà tí wọ́n bá ṣe ọjà púpọ̀ kọjá bó ṣe yẹ, ó ní kí a dín iye tí ẹyọ kan ń gbé kù, kí ọjà ilẹ̀ má bàa níye lórí ju ohun tó ná wọn lọ. 120,000 pín sí 12,000 jẹ́ 10. Àga 4,500 tó kù nílẹ̀ á gbé 45,000, èrè alákòópọ̀ á sì jẹ́ 95,000. Ó dára ju 104,000 lọ, àmọ́ ó ṣì fi 15,000 ju 80,000 lọ láìta ohunkóhun sí i. Òfin náà ń dáàbò bo iye ọjà ilẹ̀, kò dí ọ̀nà yìí pátápátá.

Nítorí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé tí a ń gbé jáde fún àwọn tó wà níta lábẹ́ IAS 2 gbọ́dọ̀ lo ìṣirò alákòópọ̀, mi ò gbà pé ó yẹ kí wọ́n fi èrè rẹ̀ nìkan díwọ̀n owó ìmóríyá ọ̀gá tó ń pinnu iye ọjà tí wọ́n máa ṣe. Ẹ fi ìwé ìbáramu yìí há ìwé èrè náà lẹ́yìn. Tí ìlà "fi ti inú ọjà ìparí kún un" bá ń ga lọ́dọọdún, tí owó ọjà kò sì ga, ẹ ti rí ibi tí èrè náà ti ń wá.

Tí ìwé kò bá bára mu: ẹ wo iye tó ṣẹ́ kù

Iye tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìbáramu sábà máa ń sọ ohun tó fà á. Ẹ fi ọdún kìíní wa ṣe àpẹẹrẹ, níbi tí ìyàtọ̀ tòótọ́ ti jẹ́ 30,000.

Tí ohun tó ṣẹ́ kù bá jẹ́ 50,000, a jẹ́ pé ẹ fi 32 ṣe ìlọ́po dípò 12. 2,500 lọ́nà 20 ni 50,000. Ìnáwó aláyípadà wà lára ọjà ilẹ̀ nínú ìwé méjèèjì, kò sí nínú ìyàtọ̀.

Tó bá jẹ́ 5,000, ẹ pín in sí 2,500. Ó fún yín ní 2, ìyẹn owó tí wọ́n fi ń tajà. Ẹnì kan ti kó kọmíṣọ́ọ̀nù tàbí owó ọkọ̀ sínú iye ọjà ilẹ̀. Ìwé èrè alákòópọ̀ ni kí ẹ tún ṣe, ẹ má fọwọ́ kan ìwé ìbáramu.

Tó bá jẹ́ ìlọ́po méjì ìyàtọ̀ náà gẹ́lẹ́, 60,000 lọ́dún kìíní tàbí 36,000 lọ́dún kejì, àmì ló yí pa dà: ẹ yọ ohun tó yẹ kí ẹ fi kún un.

Tó bá dọ́gba pẹ̀lú owó tí ọjà kò gbé, bíi 12,000 ọdún kejì, ọ̀nà méjì ni kí ẹ wò. Bóyá ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìbáramu, kò sì yẹ kó wà níbẹ̀. Bóyá sì ni ẹ gbàgbé rẹ̀ nínú ìwé èrè alákòópọ̀, ibi tó ti yẹ kó wà. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé èrè.

Tí kò bá sì jọ ìkankan nínú ìwọ̀nyí, tó kàn jẹ́ iye kan tó kéré tó sì rí wúruwùru, ẹ lọ wo iye orí ẹyọ ọjà ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, iye ọdún yìí ni ẹnì kan ti fi díye lé ọjà ọdún tó kọjá, tàbí kó jẹ́ pé ìwé èrè pa iye àtijọ́ àti tuntun pọ̀, tí ìwé ìbáramu sì gbà pé èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló kọ́kọ́ jáde. Ní ọdún kẹta wa, èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn yìí á fi 273 sílẹ̀, ìyẹn 3,000 yọ 2,727.